Iye ìdélé ọjà tí a rà láti òkè òkun

Iye ìdélé ọjà ni àpapọ̀ gbogbo owó tí ọjà tí a rà ní òkè òkun ná olówò títí ó fi dé ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀. Owó tí ẹni tí ó ta ọjà gbà wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ọkọ̀ ojú omi tàbí ti òfúrufú, owó adójútòfò, owó ibodè, owó-orí ọjà, owó èbúté, owó ẹ̀jẹ́ǹtì tí ó gba ẹrù jáde, àti owó ọkọ̀ ilẹ̀ tí ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọjà àlò ilé ti ń gba èbúté Àpápá àti Tínkan wọlé sí Èkó, iye yìí máa ń ga ju iye orí ìwé owó ọjà lọ gan-an, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀.

Kì í ṣe pípọ̀ tí àwọn owó wọ̀nyí pọ̀ ni ó mú ìṣirò náà ṣòro. Ohun tí ó mú un ṣòro ni pé wọn kò dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: orí ọ̀kan ni a ti ń ṣírò òmíràn. Owó ọkọ̀ ń wọ inú iye tí a fi ń ṣírò owó ibodè. Owó ibodè náà ń wọ inú iye tí a fi ń ṣírò owó-orí ọjà. Nítorí náà, àṣìṣe kékeré tí ó bá wáyé nígbà tí a ń wọn páálí yóò ti di ńlá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè.

Ẹrù kan ṣoṣo ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: 200 bílẹ́ńdà tí oníṣòwò kan ní Èkó rà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní gúúsù Ṣáínà. Iye bílẹ́ńdà, owó ọkọ̀, owó ẹ̀jẹ́ǹtì àti iye dọ́là tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ àfiṣàpẹẹrẹ, nítorí pé wọ́n máa ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwọn owó ti ìjọba àti ọ̀nà tí a ń gbà ṣírò wọn jẹ́ ti Nàìjíríà gan-an.

## Ohun tí iye orí ìwé owó ọjà kó mọ́ra

Iye tí ẹni tí ń ta ọjà kọ ránṣẹ́ kò ní ìtumọ̀ àyàfi bí lẹ́tà mẹ́ta kan bá tẹ̀lé e. Àjọ àwọn oníṣòwò àgbáyé tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Páríìsì ni ó ń ṣàlàyé àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. Àtẹ̀jáde ti ọdún 2020 ni ó wà lóde báyìí. EXW túmọ̀ sí pé ojúṣe ẹni tí ó tà á parí sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tí ó rà á ni yóò san owó ọkọ̀ dé èbúté Ṣáínà, òun náà ni yóò sì san owó ìwé ìjáde ọjà. FOB túmọ̀ sí pé ẹni tí ó tà á ti gbé ẹrù dé inú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté tirẹ̀. CIF túmọ̀ sí pé ó ti san owó ọkọ̀ àti adójútòfò dé èbúté ẹni tí ó rà á.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù níhìn-ín ni kí ènìyàn rí «CIF Lagos» kí ó sì rò pé ọjà òun ti dé Èkó pátápátá. Ọjà náà dé èbúté lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ì kúrò níbẹ̀. Owó ibodè, owó èbúté àti owó ẹ̀jẹ́ǹtì ṣì wà nílẹ̀ láti san. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye EXW tí ó fi dọ́là kan kéré sí FOB lè di èyí tí ó wọ́n jù nígbà tí a bá fi owó ọkọ̀ ilẹ̀ ní Ṣáínà kún un.

Nínú àpẹẹrẹ yìí, bílẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan jẹ́ $15 ní FOB. Gbogbo 200 jẹ́ $3,000.

## Ìwọ̀n tí a ń san owó lé lórí

Ọkọ̀ kì í gba owó lórí ìwúwo nìkan. Àyè tí ẹrù gbà nínú ọkọ̀ ṣe pàtàkì tó bí ó ti wúwo tó, èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni a ó sì san owó rẹ̀. Fún ọkọ̀ òfúrufú, a máa ń sọ àyè di kílò báyìí, bí a bá fi sẹ̀ǹtímítà wọn páálí:

```
gígùn × fífẹ̀ × gíga ÷ 6000 = kílò àyè
```

Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń gbé ẹrù kíákíá láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà sábà máa ń fi 5000 pín in dípò 6000, èyí tí ó ń mú kí kílò náà pọ̀ sí i.

Bílẹ́ńdà mẹ́rin ni ó wà nínú páálí kan, nítorí náà páálí 50 ni gbogbo ẹrù náà. Páálí kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 50, ó sì ga ní 40; ó wúwo ní kílò 14. Lórí òṣùwọ̀n, gbogbo ẹrù náà jẹ́ kílò 700. Ṣùgbọ́n 60 × 50 × 40 jẹ́ 120,000. Bí a bá fi 6000 pín in, kílò 20 ni páálí kan, kílò 1,000 sì ni gbogbo rẹ̀. Orí 1,000 yìí ni ọkọ̀ òfúrufú yóò ti gba owó. Bí kílò kan bá jẹ́ $7, owó ọkọ̀ yóò jẹ́ $7,000, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì owó bílẹ́ńdà fúnra wọn lọ. Ọjà tí ó tóbi ṣùgbọ́n tí kò wúwo, bí àwo oníke, àtùpà àti ẹ̀rọ ilé ìdáná, kì í sábà bá ọkọ̀ òfúrufú mu. Ọjà kékeré tí ó níye lórí, bí ẹ̀yà fóònù, ni ó bá a mu.

Fún ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí ẹrù kò bá kún kọ̀ntéínà, CBM ni a fi ń ṣírò. CBM kan ni àyè tí ó gùn ní mítà 1, tí ó fẹ̀ ní mítà 1, tí ó sì ga ní mítà 1. A máa ń ka CBM kan sí tọ́ọ̀nù kan. Èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú àyè àti ìwúwo ni a ó san owó rẹ̀. Páálí kan nínú àpẹẹrẹ yìí gba 0.12 CBM, gbogbo 50 sì gba CBM 6. Nítorí pé kílò 700 kò tó tọ́ọ̀nù kan, CBM 6 ni a ó san. Bí CBM kan bá jẹ́ $160, owó ọkọ̀ jẹ́ $960. Owó adójútòfò jẹ́ $40.

```
CIF = FOB + owó ọkọ̀ + adójútòfò
CIF = 3,000 + 960 + 40 = $4,000
```

Ibi tí ìṣirò ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé olówò á mú ìwọ̀n tí ó rí lójú ewé ọjà lò. Ìwọ̀n bílẹ́ńdà láìsí páálí ni ìyẹn. Ìwé tí ó yẹ kí ó béèrè ni ìwé àkójọ ẹrù, tí a kọ ìwọ̀n páálí láti ẹ̀yìn àti ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí. Bí páálí náà bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 péré tóbi jù ní ìhà kọ̀ọ̀kan, tí ó di 65 × 55 × 45, ẹrù náà yóò kúrò ní CBM 6 yóò di 8.04, owó ọkọ̀ yóò sì di $1,287. Iye $327 tí ó gorí yìí yóò wọ inú CIF, owó ibodè yóò sì gun orí rẹ̀. Àpótí onígi tàbí pákó ìtẹ́rù tí a bá fi kún un lẹ́yìn náà ń ṣe irú ohun kan náà. Kí olówò béèrè àwòrán páálí pẹ̀lú tépù ìwọ̀n lára rẹ̀ kí ẹrù tó kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti mọ̀ bóyá CBM tí wọ́n kọ fún un jẹ́ òtítọ́.

## Nọ́ńbà ọjà àti owó ibodè

Ọjà gbogbo ní nọ́ńbà tí àwọn aṣọ́bodè fi ń dá a mọ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ìkan náà ní gbogbo àgbáyé láti ọdún 1988, lábẹ́ àkóso Àjọ Aṣọ́bodè Àgbáyé. Àwọn orílẹ̀-èdè ẸKÓWÁÀSÌ fi mẹ́rin kún un. Bílẹ́ńdà àlò ilé wà lábẹ́ 8509.40. Àtẹ owó ibodè kan náà tí àwọn orílẹ̀-èdè náà ń lò, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí lò ní ọdún 2015, ní ìpele márùn-ún: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú 100. Ohun èlò ilé iṣẹ́ àti ohun tí a fi ń ṣe nǹkan mìíràn wà ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀. Ọjà tí ó ti parí tí a ń tà fún aráàlú sábà máa ń wà ní 20. 35 jẹ́ ti àwọn ọjà tí ìjọba fẹ́ kí a máa ṣe ní ilé. Orí 20 ni àpẹẹrẹ yìí fi bílẹ́ńdà sí. Àwọn ọjà kan ní owó àfikún lórí èyí, àwọn mìíràn sì wà tí òfin kò gbà kí wọ́n wọlé rárá, nítorí náà a gbọ́dọ̀ yẹ nọ́ńbà ọjà wò kí a tó san owó fún ẹni tí ń tà á.

Ìdánwò kan wà níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣubú sí. Ẹ̀rọ ìlọta ti ilé iṣẹ́ ńlá wà ní ìpele tí ó rẹlẹ̀ ju ti bílẹ́ńdà ilé ìdáná lọ, àwọn kan a sì máa ní kí ẹni tí ń tà á kọ «ẹ̀rọ» lásán sórí ìwé. Bí àwọn aṣọ́bodè bá ṣí páálí tí wọ́n rí bílẹ́ńdà, wọn yóò tún owó ṣírò lórí nọ́ńbà tòótọ́, wọn yóò fi owó ìtanràn kún un, ẹrù yóò sì jókòó sí èbúté títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí.

Orí CIF ni Nàìjíríà ti ń ṣírò owó ibodè. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ń ṣírò tirẹ̀ lórí iye ọjà láìfi owó ọkọ̀ òkun kún un. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tí ó ti ń kó ọjà wọ Amẹ́ríkà, tí ó wá fẹ́ kó o wá sí Èkó, yóò fojú kéré owó tí ó máa san bí ó bá lo ọ̀nà ìṣirò tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Owó ibodè kì í dá wá. Owó àfikún tí ó jẹ́ 7 nínú 100 owó ibodè fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Owó àmójútó ọjà àkówọlé, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ CISS, jẹ́ 1 nínú 100 iye FOB. Owó ti ẸKÓWÁÀSÌ, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ETLS, jẹ́ ìdajì 1 nínú 100 iye CIF. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni VAT, owó-orí ọjà, tí ó ti jẹ́ 7.5 nínú 100 láti oṣù Kejì ọdún 2020. Orí àpapọ̀ CIF àti gbogbo owó tí a ti kà ni a ti ń ṣírò VAT. Kì í ṣe orí iye ọjà nìkan. Bí dọ́là kan bá jẹ́ ₦1,500, ìṣirò bílẹ́ńdà náà nìyí:

```
FOB         $3,000 × 1,500       ₦4,500,000
CIF         $4,000 × 1,500       ₦6,000,000
Owó ibodè   20% × CIF            ₦1,200,000
Àfikún      7% × owó ibodè          ₦84,000
CISS        1% × FOB                ₦45,000
ETLS        0.5% × CIF              ₦30,000
VAT         7.5% × 7,359,000       ₦551,925
Ti ìjọba lápapọ̀                  ₦1,910,925
```

Iye 7,359,000 tí a fi ṣírò VAT ni CIF pẹ̀lú owó mẹ́rin tí ó ṣáájú VAT. Ẹni tí ó gbọ́ pé «20 nínú 100» ni owó ibodè bílẹ́ńdà yóò rí i pé owó tí ìjọba gbà lé ní 42 nínú 100 iye tí ó san fún ẹni tí ó tà á.

Àwọn ìpele wọ̀nyí kì í ṣe èyí tí a lè kọ́ lẹ́ẹ̀kan kí a sì gbàgbé. Ní ọdún 2025, Àjọ Aṣọ́bodè Nàìjíríà kéde owó tuntun tí ó jẹ́ 4 nínú 100 iye FOB. Àwọn oníṣòwò àti àwọn ilé iṣẹ́ fárígá, wọ́n dá a dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ọdún kan náà, ìjọba sì tún ní kí wọ́n dá a dúró. Lórí ẹrù bílẹ́ńdà yìí, ₦180,000 ni irú owó bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́.

Iye tí a kọ sórí ìwé owó ọjà pàápàá kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Bí àwọn aṣọ́bodè bá rí i pé ó kéré jù sí ti irú ọjà bẹ́ẹ̀ tí ó ti ń wọlé, wọ́n lè fi iye tiwọn rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá ní bílẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó jẹ́ $20 dípò $15, FOB di $4,000, CIF di $5,000, owó ti ìjọba yóò sì fi iye tí ó lé ní ₦480,000 gòkè. Olówò tí ó rí ọjà rà ní ẹ̀dínwó ńlá ni èyí máa ń bá jù, nítorí náà ó yẹ kí ó tọ́jú ẹ̀rí owó tí ó fi ránṣẹ́ láti báńkì.

## Iye dọ́là

Ìṣirò òkè yìí lo ₦1,500 fún gbogbo nǹkan. Nínú òwò gan-an, ó kéré tán, ìgbà mẹ́ta ni olówò máa ń pàdé dọ́là, iye rẹ̀ kì í sì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà: ọjọ́ tí ó sanwó fún ẹni tí ó ta ọjà, ọjọ́ tí ó san owó ọkọ̀, àti ọjọ́ tí àwọn aṣọ́bodè mú iye rẹ̀.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ti dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2023, bí ₦422 ni àwọn aṣọ́bodè fi ń ṣírò dọ́là kan. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,300, ó sì ń yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti wà lórí òkun nígbà náà dé èbúté bá owó ibodè tí ó ti di ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ó ṣírò nígbà tí ó ń ra ọjà. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2024 yẹn ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé iye dọ́là ti ọjọ́ tí olówò ṣí Fọ́ọ̀mù M ni kí àwọn aṣọ́bodè lò títí ẹrù yóò fi jáde. Fọ́ọ̀mù M ni ìwé tí olówò ń gba ọ̀dọ̀ báńkì rẹ̀ ṣí kí ọjà tó gbéra. Pẹ̀lú ìlànà yìí, ẹni tí ó bá mọ ọjọ́ tí ó ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti mọ dọ́là tí owó ibodè rẹ̀ dúró lé.

Dọ́là méjì yòókù kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Ṣáínà sábà máa ń gba 30 nínú 100 ṣáájú, wọn a sì gba 70 nígbà tí ọjà bá ti parí. Ká ní dọ́là jẹ́ ₦1,500 ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ó di ₦1,650 ní ọjọ́ kejì. Ìdá àkọ́kọ́, $900, jẹ́ ₦1,350,000. Ìyókù, $2,100, jẹ́ ₦3,465,000. Àpapọ̀ rẹ̀ fi ₦315,000 ju ohun tí a ṣírò lọ. Bí owó ọkọ̀ àti adójútòfò bá tún di sísan ní ₦1,650, ₦150,000 mìíràn gorí rẹ̀. Bílẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan ti fi ₦2,325 wọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun kankan tí ó yí padà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olówò tí ó mọ iṣẹ́ fi máa ń ṣe ìṣirò wọn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ní iye dọ́là òní, ọ̀kan ní iye tí ó fi ìdá mẹ́wàá gòkè, tí wọn kì í sì í ra ọjà tí kò bá lè mú èrè wá nínú ìṣirò kejì. Dọ́là tí a sì ń sọ níhìn-ín ni èyí tí báńkì tàbí oníṣẹ́ owó tà fún un gan-an. Èyí tí ìwé ìròyìn gbé jáde kò kàn án.

## Owó èbúté àti owó ẹ̀jẹ́ǹtì

Nígbà tí ẹ̀jẹ́ǹtì bá kọ iye kan ṣoṣo ránṣẹ́, ohun mẹ́rin ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀: owó ti ìjọba, owó tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ àti àwọn alákòóso èbúté ń gbà, owó àwọn ìwé àṣẹ, àti owó iṣẹ́ ẹ̀jẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí a ní kí ó yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé rìsíìtì wà fún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ oníná bí bílẹ́ńdà nílò ìwé SONCAP láti ọ̀dọ̀ àjọ tí ń bójú tó ìwọ̀n àti ìjójúlówó ọjà. Oúnjẹ, oògùn àti ìpara nílò ti NAFDAC. Ẹrù tí ó dé láìní ìwé rẹ̀ yóò dúró, owó ìdúró yóò sì máa ka ọjọ́.

Fún ẹrù bílẹ́ńdà, àpẹẹrẹ yìí fi owó èbúté àti ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sí ₦350,000, ìwé àṣẹ sí ₦180,000, owó iṣẹ́ ẹ̀jẹ́ǹtì sí ₦200,000, ọkọ̀ ilẹ̀ láti Àpápá sí ₦120,000, àti owó tí báńkì gbà láti fi owó ránṣẹ́ sí ₦60,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦910,000.

```
CIF                  ₦6,000,000
Ti ìjọba             ₦1,910,925
Ti ilé               ₦910,000
Iye ìdélé            ₦8,820,925
Ìdélé ÷ 200          ₦44,105
```

Olówò tí ó fi $15 lọ́nà ₦1,500, tí ó fi owó ọkọ̀ kún un, tí ó sì fi 20 nínú 100 iye ọjà ṣe owó ibodè, yóò rí ₦34,200. Yóò tà á ní ₦40,000 pẹ̀lú ìdùnnú, yóò sì pàdánù ₦4,105 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láìmọ̀ títí owó tí ó fẹ́ fi ra ọjà mìíràn kò fi ní pé.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré kì í ṣí Fọ́ọ̀mù M tiwọn. Wọ́n ń kó páálí fún ẹni tí ó kó ẹrù ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ sínú kọ̀ntéínà kan, wọ́n sì ń san iye kan lórí CBM tí ó ní ohun gbogbo nínú títí dé Èkó. Ó rọrùn, òun sì ni ọ̀nà kan ṣoṣo fún ẹni tí ó ra páálí mẹ́ta. Síbẹ̀, ìṣirò tí a ti ṣe yìí lè fi hàn bóyá iye náà mọ́gbọ́n wá. Owó ọkọ̀ àti adójútòfò (₦1,500,000), owó ti ìjọba (₦1,910,925) àti owó èbúté, ìwé àti ẹ̀jẹ́ǹtì (₦730,000) jẹ́ ₦4,140,925. Bí a bá fi CBM 6 pín in, bí ₦690,000 ni CBM kan. Ẹni tí ó bá kó kọ̀ntéínà kún lè rí ọkọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, nítorí náà iye rẹ̀ lè rẹlẹ̀ sí èyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ₦450,000 ni CBM kan, ₦2,700,000 ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá yọ owó ọkọ̀ àti adójútòfò kúrò, ₦1,200,000 ni ó kù. Iye yẹn kò ju owó ibodè nìkan lọ. Kò sí ibi tí VAT, owó èbúté àti èrè ẹ̀jẹ́ǹtì ti lè jáde, àyàfi bí a bá pe ọjà náà ní nǹkan mìíràn lórí ìwé. Bí àwọn aṣọ́bodè bá gba kọ̀ntéínà náà, olówò kò ní ìwé kankan ní orúkọ ara rẹ̀ tí ó lè fi bèèrè bílẹ́ńdà rẹ̀ padà.

Fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ wọlé ní orúkọ tirẹ̀, ìwé tí àwọn aṣọ́bodè fi gbé owó kalẹ̀ ni kí ó gbà. Ó ń to owó ibodè, àfikún, CISS, ETLS àti VAT lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ọjà sì wà lórí rẹ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá kéré gan-an sí ti ìṣirò tirẹ̀, kì í ṣe ohun ayọ̀: orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé náà, àwọn aṣọ́bodè sì lè padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹrù ti jáde.

## Pípín iye náà sórí ọjà kọ̀ọ̀kan

Nígbà tí ọjà oríṣi méjì bá wà nínú ẹrù kan, a kò gbọdọ̀ pín owó náà lórí iye ọjà bí ẹni ń pín obì. Àyè tí ọjà gbà ni a fi ń pín owó ọkọ̀. Iye CIF rẹ̀ àti ìpele nọ́ńbà rẹ̀ ni a fi ń pín owó ibodè àti ti VAT. Bí páálí fóònù kékeré kan bá wà láàárín bílẹ́ńdà, díẹ̀ ni yóò gbà nínú owó ọkọ̀, púpọ̀ ni yóò sì gbà nínú VAT. Ẹni tí ó bá pín in bákan náà yóò ta ọ̀kan ní ọ̀wọ́n jù, yóò sì ta èkejì ní àdánù.

Ohun tí ó kù ni àfọ́. Bílẹ́ńdà ní ìkòkò oníke tàbí oníjígí, páálí sì ń jábọ́ ní èbúté. Bí márùn-ún bá fọ́ nínú 200, 195 ni ó kù láti ru ₦8,820,925, bílẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan sì di bí ₦45,236. Owó adójútòfò $40 inú ìṣirò náà kì í sábà san irú àfọ́ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé adehùn rẹ̀ ní iye kan tí àdánù gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó san ohunkóhun.